Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi wà lára ògiri: bá a ṣe yẹ pósítà kan wò bí ẹlẹ́rìí

Àbúrò mi obìnrin kan ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ó ń kọ iṣẹ́ kan lórí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wá fi ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, mi ò fẹ́ kí wọ́n dá a padà fún mi." Mo ṣí i, pósítà yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà á ti rí i rí: obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù búlúù, ó fi aṣọ pupa tó ní àmì funfun tótòtó wé orí, ó ti ká apá ẹ̀wù sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, wọ́n wá kọ "We Can Do It!" sókè orí ẹ̀, ìyẹn "A Lè Ṣe É!" Abẹ́ àwòrán yẹn ni àbúrò mi wá kọ ọ́ sí pé: "Pósítà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pe àwọn obìnrin wá síṣẹ́ fáktórì nígbà ogun, tó sì jẹ́ ká mọ bí inú wọn ṣe dùn sí iṣẹ́ náà tó."

Gbólóhùn kan ni o, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà: pé ìjọba ló ṣe é, pé ìpè síṣẹ́ ni, àti pé bó ṣe rí lára àwọn obìnrin gan-an nìyẹn. Mo ní kó má tíì pa á rẹ́. Mo ní ká mú pósítà yìí bí ẹni mú ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù, ká bi í léèrè ohun tó mọ̀, torí ẹlẹ́rìí tó ń purọ́ nípa ọ̀rọ̀ kan lè jẹ́ ẹni tó máa sọ òdodo jù lọ lórí ọ̀rọ̀ míì, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣojú ẹ̀. Òun ní, "Ṣùgbọ́n pọ̀rọ̀págáńdà ni, ṣé kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ẹ̀ ni?" Mo ní rárá. Ìbéèrè yẹn ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí àwọn kan á gba pósítà gbọ́ bí ẹni pé fọ́tò ni, àwọn kan á sì sọ ọ́ nù bí ẹni pé irọ́ ni, kò sì sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó tiẹ̀ bi í ní ìbéèrè kankan.

Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe ni pé a wá ẹ̀dà tó pé. Èyí tó fi sínú iṣẹ́ ẹ̀, ìntánẹ́ẹ̀tì ló ti fà á wá, wọ́n sì ti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ dànù, bí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sára ife àti aṣọ ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ lọ wo èyí tó pé, bíi ti mùsíọ́mù Smithsonian, ẹ máa rí i pé ìwé wà nísàlẹ̀ ẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Lápá òsì wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì. Wọ́n kọ orúkọ ìgbìmọ̀ kan tó ń ṣètò iṣẹ́ ogun síbẹ̀, orúkọ ayàwòrán náà sì wà níbẹ̀, J. Howard Miller. Ẹ wá wo kọ́là obìnrin náà dáadáa, ẹ máa rí báàjì kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Báàjì òṣìṣẹ́ Westinghouse ni, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná, tí oríkò ẹ̀ wà ní Pittsburgh nígbà yẹn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Orúkọ ìgbìmọ̀ yẹn ló tan àbúrò mi, kò sì jẹ̀bi púpọ̀, torí ìjọba Amẹ́ríkà náà ní àjọ tó ń bójú tó ìpèsè ohun ìjà nígbà yẹn, orúkọ àwọn méjèèjì sì jọra wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ abẹ́ ilé Westinghouse ni èyí. Ní 1942, wọ́n gba Miller nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan pé kó máa ya pósítà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á máa fi òmíì rọ́pò ẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, James Kimble àti Lester Olson, tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2006. Pósítà méjìlélógójì ló wà nínú ọ̀wọ́ yẹn, èyí tá a ń sọ yìí kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni, ẹ̀dà ẹ̀ ò sì ju bí 1,800 lọ.

Mo ní kí àbúrò mi dúró sórí 1,800 yẹn díẹ̀. Amẹ́ríkà tó tóbi tó yẹn, 1,800, fún ọ̀sẹ̀ méjì, lára ògiri inú fáktórì kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo. Tó o bá ń gbé ní ìlú míì nígbà yẹn, tàbí tó o tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú fún kọ́ńpìnnì míì, o ò lè rí pósítà yìí. Èmi gan-an rò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún o, pé ó wà káàkiri ìgboro, mi ò ní purọ́. Ohun tó ń tan wá ni pé àwa ń rí i lójoojúmọ́, a wá rò pé àwọn náà rí i lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ pé ìpè síṣẹ́ ni wá ńkọ́? Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ti dáhùn ìyẹn. Àwọn tó ń kọjá níwájú ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, báàjì ti wà lọ́rùn àwọn náà. Ta ló wá fẹ́ fi pè wá síṣẹ́? Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀ lásán, mo ní kó lọ mú pósítà kan tó jẹ́ ìpè síṣẹ́ lóòótọ́, kó tẹ́ méjèèjì síra. Ó mú èyí tí Lawrence Wilbur yà ní 1944. Obìnrin kan ló wà nínú ẹ̀, ó di lẹ́tà mú mọ́ra, ó ń ṣàárò ọkọ ẹ̀ tó wà lójú ogun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i ni pé àárò ṣíṣe ò ní kó tètè dé, pé kó lọ wá iṣẹ́ ogun. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ẹ̀: wọ́n sọ ọ́fíìsì ìjọba tó gbọ́dọ̀ lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn wáṣẹ́, wọ́n sì kọ orúkọ àjọ ìjọba tó ni pósítà náà síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ kó o wá, á sọ ibi tó o máa gbà wá. Ti Miller ò sọ ibì kankan. Kò sí àdírẹ́sì, kò sí ọ́fíìsì, kò sí "ẹ lọ rí lágbájá". Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n júwe nínú ẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, ẹni tó ń lẹ pósítà ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kọ́ ogún ojú ìwé lórí bá a ṣe ń mọ èrò ẹni tó ṣe nǹkan, kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé kóun wò ó bóyá àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

A wá kan ibi tó le, ìyẹn "A" inú "A Lè Ṣe É". Ta ni "a"? Lónìí, tá a bá kà á, "àwa obìnrin" la máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ obìnrin síbẹ̀. Pósítà kan ò sì dá dúró sára ògiri yẹn, ọ̀kan ló tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú ẹ̀, òmíì sì tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀wọ́ kan náà, èyí kan wà tó jẹ́ pé ọ̀gá ọkùnrin kan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé tó o bá ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ ẹ, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ ni kó o lọ bi. Ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀wọ́ yẹn. Ẹ wá rò ó bí òṣìṣẹ́ tó ń rí àwọn pósítà wọ̀nyí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ṣe máa kà á. "A" yẹn á dún bí "gbogbo wa ní Westinghouse", òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá pọ̀, ọwọ́ kan náà, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Kimble àti Olson náà tọ́ka sí i pé bó ṣe máa dún létí wọn nìyẹn. Èmi gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ mo kìlọ̀ fún àbúrò mi pé kó má kọ ọ́ bí ẹni pé a gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ kan. Ìfòye ni. Ìfòye tó lágbára ni, torí a ní àwọn pósítà tó kù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìfòye ṣì ni.

Nígbà tá a dé orí "bí inú wọn ṣe dùn tó", ó fẹ́ bá mi jà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ẹ̀ o, kò jọ ẹni tí wọ́n fipá mú." Mo ní ojú ta ni? Ọ̀gá ló sanwó, ayàwòrán ló ya ojú. Ó tiẹ̀ fi kútẹ́ẹ̀sì sí èékánná ẹ̀, ó kun ojú ẹ̀ rèǹtè-rente, ẹ lọ wò ó. Ojú yẹn ń sọ bí àwọn ọ̀gá ṣe fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí. Kò ní imú tí a fi ń gbọ́ òórùn ohun tó wà nínú fáktórì. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ni akoto inú, èyí tí sójà máa ń dé sábẹ́ akoto irin. Ohun èlò kan tí Westinghouse fúnra wọn ń ṣe ni wọ́n fi ń ṣe é, Micarta ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ṣe bíi mílíọ̀nù 13 kí ogun tó parí. Ẹ ò lè rí ìkankan nínú pósítà yẹn: kò sí akoto, kò sí ẹ̀rọ, kò sí ooru, kò sí ẹnì kejì. Obìnrin kan àti àwọ̀ yẹ́lò.

Ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹlòmíì ni ká lọ bi. Mo ní ká wá ìwé tí ilé iṣẹ́ kan náà kọ láìrò pé ará ìta máa rí i. Irú ẹ̀ wà. Ní 1980, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé kọ́ńpìnnì yìí lọ lórí owó tí wọ́n ń san fún àwọn obìnrin ní fáktórì kan ní Trenton. Nínú ẹjọ́ yẹn ni ìwé ìlànà owó iṣẹ́ ti ọdún 1939 ti jáde. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé wọ́n ń wọn iṣẹ́ bó ṣe le sí, iṣẹ́ ọkùnrin àti iṣẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá tiẹ̀ wà ní ìpele kan náà, owó tobìnrin gbọ́dọ̀ kéré sí tọkùnrin. Ọdún 1939, ẹ gbọ́ mi, ọdún mẹ́rin ṣáájú pósítà wa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ìwé yẹn ò sọ pé obìnrin kankan bínú nígbà tó rí pósítà, kò sì sọ pé inú wọn ò dùn. Ó ṣeé ṣe kó wú àwọn kan lórí dáadáa, èèyàn lè fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n sì máa yàn án jẹ. Ohun tó ṣe fún wa ni pé ó jẹ́ ká mọ nǹkan tí pósítà náà gbójú fò, tí ẹni tó ni pósítà sì mọ̀ dájú. Tí àbúrò mi bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lára wọn, ohùn wọn ló máa wá: lẹ́tà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Pósítà ò mọ ìyẹn, kò ṣojú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn tún mú ìtàn míì wá, mi ò sì lè fò ó torí ó dùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ayé ló ń sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Geraldine Hoff Doyle ni ẹni tí wọ́n yà. Ní àwọn ọdún 1980, màmá yìí rí fọ́tò kan nínú ìwé ìròyìn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, tó wérí pẹ̀lú aṣọ tótòtó, ó ní òun nìyí, torí òun náà ṣiṣẹ́ ní fáktórì ní Michigan fúngbà díẹ̀ ní 1942. Nígbà tó wá rí pósítà náà, ó so méjèèjì pọ̀. Kò parọ́ o, ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ni. Nígbà tó kú ní òpin 2010, ìwé ìròyìn káàkiri kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́, òmíì dà á kọ látọ̀dọ̀ ẹ̀, nígbà tó fi máa di ogún, ó ti jọ pé ogún ẹlẹ́rìí ló wà nílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ̀rọ̀.

Kimble yìí kan náà ló lo ọdún bíi mélòó kan láti wá fọ́tò yẹn, ẹ̀dà àtijọ́ tí àkọlé ṣì wà lára ẹ̀. Nígbà tó rí i, àkọlé náà sọ ibi tí wọ́n ti yà á, Alameda ní California, níbùdó ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n yà á, ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1942, ó sì dárúkọ ọmọbìnrin náà: Naomi Parker. Naomi ṣì wà láàyè nígbà náà. Ó ti tó 2011 tó ti rí fọ́tò ara ẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíì sí, ó ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. 2016 ni ìwádìí Kimble jáde, màmá sì kú ní 2018.

Àbúrò mi ní, "Naomi ni wọ́n yà nígbà yẹn nìyẹn." Mo ní ṣé o rí i, o tún ti kó sínú ẹ̀. Àkọlé yẹn jẹ́ ẹ̀rí lórí fọ́tò. Kì í ṣe ẹ̀rí lórí pósítà. A mọ̀ pé fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Pittsburgh ní oṣù keje 1942, ìlú tí Miller wà, ó sì ṣeé ṣe kó rí i, aṣọ orí sì jọra. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí Miller kọ pé fọ́tò yẹn lòun wò yà á. Ibi tí okùn náà já sí nìyẹn, ibẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ dúró sí.

Kí ló wá kù fún pósítà yìí láti jẹ́rìí sí? Ó pọ̀ o. Àwọn ọ̀gá Westinghouse ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943, kí ni wọ́n ń fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa rò? Kò sí ẹlẹ́rìí tó dáa tó o, ẹnu wọn ló ti jáde, ọjọ́ sì wà lára ẹ̀. Ó tún ń sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, bí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa ń kọ "ẹ má tọ̀ síbí" sára ògiri tẹ́nikẹ́ni ò tọ̀ sí rí. Tí kọ́ńpìnnì bá ń fi owó ya pósítà méjìlélógójì pé ká wà ní ìṣọ̀kan, ká má pa iṣẹ́ jẹ, kí ẹ mú ìbéèrè yín wá bá ọ̀gá, á jẹ́ pé pípa iṣẹ́ jẹ àti àríyànjiyàn pẹ̀lú àwọn ọ̀gá wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Bó ṣe pọ̀ tó ni pósítà ò lè sọ, ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wá síṣẹ́ ló máa sọ ìyẹn.

Ó sì tún jẹ́ ẹ̀rí fún ìgbà míì pátápátá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ogójì ọdún. Ní 1982 ni ìwé ìròyìn kan ní Washington gbé e jáde láàárín àwọn pósítà àtijọ́ míì, láti ìgbà náà ni àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti gbé e rù, ní 1994 ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Smithsonian, ní 1999 wọ́n fi ṣe sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Rosie, orúkọ tí kò jẹ́ rí ní 1943. Rosie tí àwọn èèyàn ìgbà yẹn mọ̀, ti inú orin kan ni, àti èyí tí Norman Rockwell yà síwájú ìwé ìròyìn kan ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1943, obìnrin tó sanra dáadáa tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tó gbé ẹ̀rọ ìkan-irin lé itan. Tí àbúrò mi bá ń kọ̀wé lórí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọdún 1980 sí 1999 ṣe ń rántí ogun, pósítà Miller ni kó gbé síwájú, kò sí èyí tó dà bíi ẹ̀.

Ó ti ń di òru nígbà tó tún un kọ. Ó fi ẹ̀dà tó pé rọ́pò èyí tí wọ́n gé, báàjì ń hàn, lẹ́tà ìsàlẹ̀ ń hàn. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́: "Pósítà abẹ́ ilé tí J. Howard Miller yà fún Westinghouse, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn fáktórì wọn láti ọjọ́ 15 sí 28 oṣù kejì 1943. Ó fi ohun tí àwọn ọ̀gá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa rò hàn. Fún ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rò, ẹ wo orí kẹta." Mo ní, kí ló wà ní orí kẹta? Ó ní, "Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ni màá lọ wá wọn."